Òṣùwọ̀n Ni Mo Fi Ń Ṣọ́ Ẹja Gbígbẹ Mi Nígbà Òjò

Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń bẹ́ni létè ní Àbújá, ni mo máa ń ra ẹja gbígbẹ tí ilé wa yóò jẹ títí òjò yóò fi dá. Kúbwá là ń gbé. Ọ̀nà Màídúgùrì ni àwọn tó ń tà á fún wa ti ń gbà á, inú páálí ló máa ń wà, ẹja Adágún Ṣáàdì sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Bándà ni àwọn Hausa ń pè é. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àrọ̀ tí wọ́n ká, tí wọ́n ti ìrù rẹ̀ bọ ẹnu kí wọ́n tó gbé e sórí iná. Ìdí tí mo fi ń rà á nígbà ọyẹ́ ni pé afẹ́fẹ́ ìgbà náà ń bá iná ṣiṣẹ́. Ẹja tó bá kúrò lórí ìyan kì í rí omi gbà padà lójú ọ̀nà, gbígbẹ ló ń gbẹ sí i.

Tó bá wá di oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ á yí padà. Òjò á rọ̀ ní òwúrọ̀, á rọ̀ ní alẹ́, ògiri ilé ìdáná á máa rin, aṣọ tí a sá kò ní gbẹ. Ẹja tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí gàrí tí a ṣí sílẹ̀ ṣe máa ń rọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó da omi lé e lórí, àmọ́ omi ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan ẹ ó ṣí apẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹja ti hu irun funfun níhà ikùn, tàbí pé àwọ̀ ewéko ti yọ lẹ́yìn orí rẹ̀.

Ojú wa kì í tètè rí i, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí irun náà bá fi hàn síta, ó ti pẹ́ tí ẹja ti rin dé ibi tó lè bu. Nítorí náà ni mo fi yan òṣùwọ̀n. Omi tó wọ inú ẹja kò lè ṣe kó má wúwo, òṣùwọ̀n á sì sọ ọ́ kí ojú tó rí ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú ẹja máa ń sọ pé tí omi inú ẹja bá ti kéré sí ìdá 25 nínú 100 ìwúwo rẹ̀, àwọn kòkòrò àìrí tó ń mú ẹja rà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú nǹkan bu le ju wọ́n lọ, ó ṣì lè hù nínú ẹja tí àwọn yẹn kò lè gbé. Àfi kí omi náà lọ sílẹ̀ ju ìdá 15 lọ kó tó jáwọ́. Ìdá 15 yìí ni mo fi ṣe ààlà mi. Bí mo bá ra ẹja, mo máa ń mú ẹyọ kan tí kò tóbi, mo rún un wẹ́wẹ́, mo wọn 200 gíráàmù nínú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí abọ́ irin, mo sì kì í bọ inú ófùnù tó gbóná díẹ̀ ju omi híhó lọ. Mo ń mú un jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wọ̀n ọ́, títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Àwọn ẹja kan tí mo rà ní oṣù Kejì já sí 176 gíráàmù. Omi tó bá iná lọ nígbà náà jẹ́ 24 gíráàmù nínú 200, ìyẹn ìdá 12. Ẹja tó dára gan-an ni. Ohun gbígbẹ tó kù nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 88, ìyẹn kò sì ní yí padà láéláé, bí òjò bá rọ̀ tàbí tó dá.

Mo wá pín ìyókù sínú náílọ́ọ̀nù líle, 500 gíráàmù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú 500 gíráàmù, ohun gbígbẹ jẹ́ 440. Tí omi bá gòkè dé ìdá 15, ohun gbígbẹ yẹn á jẹ́ ìdá 85 gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ẹ pín 440 sí 0.85, ẹ ó rí nǹkan bíi 518. Ìyẹn ni pé ìyàtọ̀ láàárín ẹja tó dára àti ẹja tó wà létí ewu kò ju 18 gíráàmù lọ nínú ìdajì kílò. Ẹ gbé e sọ́wọ́, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun ní ilé ìdáná, tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, máa mọ̀ ọ́n. Mo kọ "500, ìkìlọ̀ 512" sára ìwé pélébé, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ náílọ́ọ̀nù. Mo fi 512 ṣe ìkìlọ̀ kí n lè rí àyè sá ẹja sí iná kó tó kan ààlà. Ìwúwo náílọ́ọ̀nù kò sí nínú rẹ̀, mo ti yọ ọ́ kúrò kí n tó kọ nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó máa ń bá mi ra ẹja rí mi bí mo ṣe ń gbé náílọ́ọ̀nù lé òṣùwọ̀n ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o fẹ́ tún un tà ni?" Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ mọ iye omi tó ti mu ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í wọn ohunkóhun, imú lòun fi ń mọ̀. Imú dára o. Imú á sọ fún yín pé ọ̀rá ẹja ti kan, ó tún lè gbóòórùn bíbu. Ṣùgbọ́n imú kò lè sọ pé ẹja yìí máa bu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo fi náílọ́ọ̀nù méjì kan náà dánwò nínú ilé wa. Inú apẹ̀rẹ̀ tí mo fi aṣọ bò lórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni mo tú ẹja èkíní sí. Èkejì wà nínú náílọ́ọ̀nù rẹ̀ tí mo so pa, mo sì fi í sínú ike ńlá tí ìdérí rẹ̀ ní rọ́bà tó ń há a. Òjò ti mú ilẹ̀ dáadáa kí n tó tún wọ̀n wọ́n. Èyí tó wà nínú ike jẹ́ 504. Èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ jẹ́ 540. Ẹ yọ 440 kúrò nínú 540, omi á ṣẹ́kù 100, ìyẹn ju ìdá 18 lọ. Nínú ẹja yẹn, mo rí irun kékeré funfun ní ihò ikùn ẹyọ méjì, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ dáadáa. Ìta àwọn ẹja yòókù mọ́ tónítóní, ẹni tí kò bá wo inú á rò pé kò sí nǹkan. Mo kó gbogbo wọn dà nù, torí pé ẹja tó jókòó pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kan máa ń rin bákan náà.

Ẹja tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀ nínú ìṣirò yìí. Ọ̀rá kì í gba omi mọ́ra, nítorí náà gbogbo omi inú ẹja náà á kó jọ sínú ẹran ara rẹ̀ nìkan. Ìdá 15 nínú àrọ̀ tó sanra jẹ́ rinrin ju ìdá 15 nínú ẹja epìyà lọ. Fún àrọ̀ tí ọ̀rá ń kán lára rẹ̀ lórí iná, mo máa ń fi ìkìlọ̀ mi sí nǹkan bíi 508 dípò 512, mi ò sì ń jẹ́ kó pẹ́ nílé, torí ọ̀rá náà á kan bó pẹ́ bó yá, bó ti wù kí ẹja náà gbẹ tó.

Ohun mìíràn wà tí òṣùwọ̀n kò lè rí, àfi kéèyàn fi ọwọ́ àti ojú wá a lọ́jọ́ tó ń rà á. Tí iná ìyan bá gbóná jù níbẹ̀rẹ̀, awọ àti ẹran ìta á tètè gbẹ, á le koránkorán, á sì há omi mọ́ inú. Ẹja bẹ́ẹ̀ á máa dún kọ́kọ́ bí a bá kàn án, a ó sọ pé ó ti gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan nínú páálí, omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn á máa rìn bọ̀ wá síta, ẹja tó le lọ́jà á wá rọ̀ nílé. Èyí tí wọ́n ká ló wọ́pọ̀ jù nínú èyí, torí pé ibi tí ìrù àti orí ti pàdé kì í rí èéfín tó, ẹ̀yìn orí sì nipọn ju gbogbo ara ẹja lọ. Nítorí náà, mo máa ń ní kí alẹ́ja jẹ́ kí n ṣẹ́ ẹyọ kan ní ẹ̀yìn orí. Tó bá já pákí, tí inú rẹ̀ fọ́n bí ìyẹ̀fun tàbí ó já ní okùn gbígbẹ, ó dára. Tó bá tẹ̀ kó tó já, tí inú sì ń dán tó ń rọ̀ lábẹ́ ìka, mo máa ń dá a padà. Àwọn kan máa ń ní, "Màdáámù, ẹ sá a sóòrùn." Òòrùn oṣù Kejì lè gbà á là lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ san owó ẹja, mi ò fẹ́ san owó omi.

Tí alẹ́ja kò bá gbà kí ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ ra ẹyọ kan péré lọ sílé, ẹ fi í sínú náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, ẹ so ó pa, ẹ gbé e síbi tó móoru di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá pa inú náílọ́ọ̀nù náà, omi wà nínú rẹ̀ tó pọ̀ jù. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ padà lọ ra ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí òṣùwọ̀n bá sọ pé 512, mo máa ń sá ẹja náà sí iná lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń tú gbogbo rẹ̀ jáde, mo wo ihò ikùn ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú fèrèsé, mo sì ṣí èyí tí wọ́n ká díẹ̀ kí ooru lè wọ inú. Mo tẹ́ wọn sórí àwọ̀n irin nínú ófùnù gáàsì, ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 70 sí 80, mo fi ṣíbí igi há ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Bí ìlẹ̀kùn bá tì pa, inú ófùnù á kún fún omi, ẹja á wulẹ̀ máa sè ni. Ẹni tí kò ní ófùnù lè lo èédú tí iná rẹ̀ ti rọlẹ̀, kí ó gbé àwọ̀n náà sókè dáadáa. Mo ń wọ̀n ọ́ títí yóò fi padà sí 500 tàbí kéré díẹ̀ sí i. Kì í sábà pẹ́ ju wákàtí méjì lọ bí ẹja kò bá nipọn jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù gbogbo iṣẹ́ yìí ni ìtutù rẹ̀. Ẹja tó gbóná tí a kì bọ náílọ́ọ̀nù á tú omi tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ jáde, omi náà á kàn sára náílọ́ọ̀nù, á sì padà kán lé ẹja lórí. Ẹni tó bá sì fi í sílẹ̀ níta di àárọ̀ nínú oṣù Kẹjọ, afẹ́fẹ́ òru tó rinrin á fi omi rọ́pò èyí tó ti lọ. Mo máa ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀sán, nígbà tí òjò bá dá tí òòrùn yọ díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sán gbẹ ju ti òwúrọ̀ lọ. Bí ẹja bá ti tutù tó èyí tí mo lè gbé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìrí ooru, mo kó o sínú náílọ́ọ̀nù, mo tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo so ó, mo sì dá a padà sínú ike.

Àwọn kan gbà pé iyọ̀ ló máa gbà wọ́n. Iyọ̀ wúlò lóòótọ́ kí ẹja tó gbẹ, ó sì máa ń lé ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń bẹ lára ẹja. Ṣùgbọ́n nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá ju ìdá 75 lọ, iyọ̀ gan-an máa ń fa omi mọ́ra títí yóò fi yọ́. Àárọ̀ oṣù Kẹjọ ní Àbújá sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹja oníyọ̀ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lójú òjò, á máa làágùn lórí tábìlì. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ nílò ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ ju ti aláìníyọ̀ lọ. Ó tún ní ìdààmú kan: funfun iyọ̀ lè jọ funfun bíbu. Ẹ kán omi ẹyọ kan sí i. Iyọ̀ á yọ́ lọ, irun á ṣù pọ̀ síbẹ̀. Ẹ tún lè fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn, irun máa ń ní okùn tín-ín-rín, iyọ̀ a sì máa dán bí àfọ́kù ìgò.

Bí ó bá jẹ́ pé ó bu lóòótọ́, mi ò ń nù ún, mi ò sì ń sá a sóòrùn kí n tó sè é. Mo mọ̀ pé ilé púpọ̀ ń ṣe é, ìyá mi náà ń ṣe é nígbà tí a wà ní kékeré. Àwọn irú kan nínú ohun tó ń mú oúnjẹ bu máa ń tú oró kan jáde tí wọ́n ń pè ní aflatọ́síìnì, oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ bó bá pẹ́ nínú ara. Gbígbóná ọbẹ̀ kò tó láti pa oró náà. Kì í ṣe gbogbo bíbu ló ní in, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi ojú yà á sọ́tọ̀, okùn rẹ̀ sì máa ń wọ inú ẹran jìnnà ju ibi tí aṣọ ìnuwọ́ lè dé lọ. Mo ń dà á nù, mo sì ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ike náà kí n tó dá ẹja mìíràn padà sí i.

Ti kòkòrò sì ń bẹ. Àwọn tó ní ìdin onírun máa ń wá láti ọjà, inú ìṣẹ́po ẹja tí wọ́n ká ni wọ́n ti ń yé ẹyin. Èyí ni ó fà á tí àwọn oníṣòwò kan fi ń fín oògùn sára ẹja, ọtapíápíá, tí dáíkílọ́fọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. NAFDAC ti fòfin de títà irú oògùn yìí ní ìgò kékeré láti ọdún 2019, àmọ́ a ṣì ń gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹja tó bá ní òórùn kẹ́míkà tí kì í ṣe ti èéfín, tàbí tí òkú kòkòrò tuntun pọ̀ nídìí páálí rẹ̀, mi ò ń rà á. Omi gbígbóná kò lè fọ ohun tó ti wọ inú ọ̀rá ẹja kúrò. Ooru ófùnù tí mo sọ yẹn ń pa kòkòrò àti ẹyin rẹ̀, fírísà náà ń pa wọ́n bó bá dì gbọin fún ọ̀sẹ̀ kan.

Fírísà ni ibi tó dára jù fún ẹja tí a fẹ́ fi sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí iná ọba bá gbà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, inú ike ló ti máa ń dára fún mi jù, nítorí ẹja tó bá ń dì tó sì ń yọ́ léraléra máa ń làágùn. Tí mo bá sì mú náílọ́ọ̀nù kan jáde nínú fírísà, mi ò ní tú u títí yóò fi móoru bí afẹ́fẹ́ ilé. Ẹni tó bá tú u nígbà tó ṣì tutù nini, gbogbo ọ̀rinrin inú ilé ìdáná ló máa wá jókòó sórí ẹja náà.

Ẹran gbígbẹ bíi kílíṣí àti kúndi rọrùn díẹ̀ sí i fún mi. Kílíṣí tinrin, iná sì ti kàn án lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ata kùn ún, ẹran rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ há omi. Ẹ̀pà tí wọ́n fi kùn ún ni kí ẹ máa ṣọ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ rin, òun náà ló máa ń kọ́kọ́ kan. Kúndi tó ki nílò ìṣọ́ra bíi ti ẹ̀yìn orí àrọ̀: ẹ gé e sí méjì kí ẹ tó san owó. Mo ń wọ̀n wọ́n pẹ̀lú ìwé pélébé kan náà lára náílọ́ọ̀nù wọn, mo kàn máa ń ṣe ìṣirò ìdá omi tiwọn lọ́tọ̀, torí omi inú ẹran tí mo bá rà kì í bá ti ẹja dọ́gba.